Àjẹkù, Ìyókù àti Owó Tí Kò Sí Nílẹ̀

Mo ń mu ẹ̀kọ lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe ètò ọrọ̀ ajé lórí rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé ìṣirò ọdún ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì kan. Ó ní: “Owó ìpamọ́ wọn kò yẹsẹ̀ rárá. Mílíọ̀nù 40 náírà ló wà nílẹ̀ nígbà tí ọdún 2023 parí, mílíọ̀nù 40 náà ló ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí 2024 parí.” Nígbà tó fẹ́ tan ìmọ́lẹ̀ sí i, ó ní “èrè tó kú” ni òun ń wí. Ẹ̀kọ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ibi tí kò yẹ lọ́fun mi. Kù ni, ọmọ mi, kù! Èrè tó bá ti kú, sàréè là ń gbẹ́ fún un.

(Mo ti yí àwọn iye náà padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá ilé-iṣẹ́ náà mọ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ gan-an ni mo fi sílẹ̀.)

Ti ohùn kọ́ ló dùn mí jù. “Owó” ló dùn mí. Èrè kì í ṣe owó, ìyá tó ń ta aṣọ ní Gbági sì mọ èyí ju ọ̀pọ̀ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lọ. Ó lè jèrè lọ́dún kan, kí gbogbo èrè náà wà nínú àǹkárá tí kò tíì tà àti lọ́rùn àwọn tó ra àwìn. Sọ fún un pé kó kó èrè rẹ̀ jáde kí o rí i, aṣọ ni yóò nà sí ọ. Mílíọ̀nù 40 ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì yẹn ti di ààrò, ó ti di ọkọ̀ akẹ́rù búrẹ́dì, ó ti di àpò ìyẹ̀fun. Ohun tí wọ́n ní ní báǹkì lọ́jọ́ tí ọdún parí kò ju mílíọ̀nù 2 lọ, ojú ìwé mìíràn nínú ìṣirò kan náà ló sì sọ bẹ́ẹ̀. Bí a bá wá pe mílíọ̀nù 40 ní “owó ìpamọ́”, a ti fi kóló tí kò sí han aráyé, àwọn òṣìṣẹ́ yóò sì máa bi ọ̀gá pé kí ló dé tí kò fi lè san owó-oṣù.

Kí ni ká wá pè é? Láti ọdún mélòó kan ni mo ti ń polówó ọ̀rọ̀ kan: àjẹkù.

Ẹ wo kù àti àwọn ará ilé rẹ̀. Ó bí ìyókù, ó bí ìṣẹ́kù, ó bí àjẹkù, wọn kò sì jọra tó bí àwọn tó ń sáré sọ̀rọ̀ ṣe rò. Bí mo bá fún ọmọ mẹ́ta lẹ́kọ nínú ọmọ márùn-ún, àwọn méjì tó dúró ni ìyókù. Kò sí ẹnu nínú ọ̀rọ̀ ìyókù. Ó kàn ń sọ ohun tó wà lẹ́yìn tí a ti mú àwọn kan kúrò. Àmọ́ àjẹkù kò lè wáyé láìsí ẹnu. Oúnjẹ ti jinná, ó ti délẹ̀, ẹni tó ni ín ti jókòó tì í, ó sì fi díẹ̀ sílẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni àwọn oníṣirò owó nílò.

Kó gbogbo ohun tí ilé-iṣẹ́ ní jọ, kí o yọ gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ohun tó bá dúró, ti àwọn onílé-iṣẹ́ ni. Ìyókù ni yẹn, torí pé àwọn tí ilé-iṣẹ́ jẹ ní gbèsè ló kọ́kọ́ ń gba tiwọn. Apá kan nínú ìyókù yìí ni owó tí àwọn onílé-iṣẹ́ fi ọwọ́ ara wọn mú wá nígbà tí wọ́n ra ìpín. Ẹnikẹ́ni kò sè é nílé-iṣẹ́, nítorí náà kì í ṣe àjẹkù. Apá mìíràn lè jẹ́ pé ilé tí wọ́n kọ́ ti gbówó lórí, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ tó ṣì wà lórí iná ni ìyẹn. Apá tó kẹ́yìn ni èrè ọdún dé ọdún tí àwọn onílé-iṣẹ́ ì bá jẹ ṣùgbọ́n tí wọn kò jẹ. Òun ni àjẹkù. Ẹ má gbàgbé pé èdè wa fúnra rẹ̀ ló ní ká jẹ èrè kó tó di pé a jèrè. Ẹnu ti wà níbẹ̀ látilẹ̀wá.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sí “kò yẹsẹ̀ rárá”.

Nínú ìwé ìṣirò ọdún, ojú ewé kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣí kọjá. Ó ń sọ bí ìyókù àwọn onílé-iṣẹ́ ṣe rìn láti ọjọ́ tí ọdún tó kọjá parí títí di ọjọ́ tí ọdún yìí parí. Òpó kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti apá kọ̀ọ̀kan tí mo kà yẹn, ìlà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ti ohun kọ̀ọ̀kan tó ṣẹlẹ̀. Láti 2012 tí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta ìpín wọn ní ọjà ìpín Nàìjíríà ti bọ́ sábẹ́ ìlànà ìṣirò àgbáyé, ojú ewé yìí kò ṣeé fò fún wọn. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa fò ó. Ká ní ó wò ó, ohun tí ì bá rí nínú òpó àjẹkù nìyí.

Mílíọ̀nù 40 ló bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àárín 2024, wọ́n rí i pé lọ́jọ́ tí 2023 parí, wọ́n ka àwọn àpò ìyẹ̀fun kan lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹ̀fun mílíọ̀nù 3 tí kò sí nílé ló wà nínú ìwé. Wọn kò da àṣìṣe yìí lé ọdún 2024 lórí. Wọ́n padà lọ tún ìbẹ̀rẹ̀ ṣe, ó sì di mílíọ̀nù 37. Lẹ́yìn ìyẹn ni èrè 2024 wọlé: mílíọ̀nù 18. Mílíọ̀nù 1 rọra kúrò ní òpó ilé tó gbówó lórí, ó bọ́ sínú òpó yìí, nítorí pé ilé náà ti gbó lọ́dún kan sí i. Kò gba inú ìṣirò èrè kọjá rárá. Ní oṣù Kẹfà, ìpàdé gbogbo onípìn-ín fọwọ́ sí i pé kí wọ́n pín mílíọ̀nù 6. Níkẹyìn, wọ́n fún àwọn onípìn-ín ní ìpín ọ̀fẹ́, wọ́n sì ti ìdí bẹ́ẹ̀ gbé mílíọ̀nù 10 kúrò nínú àjẹkù lọ sínú òpó owó ìpín. Ẹ ṣe é pọ̀: 37, ẹ fi 18 àti 1 kún un, ẹ yọ 6 àti 10. Ogójì ni. Ẹni tó rìn lọ sí Ìbàdàn, tó sì padà délé kí ilẹ̀ tó ṣú, ṣé a ó sọ pé kò yẹsẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ká ní olùṣirò fẹ́ bò ó, ó lè má fọwọ́ kan ìbẹ̀rẹ̀, kó jẹ́ kí ìyẹ̀fun àlá náà di ìnáwó ọdún 2024. Èrè 2024 yóò wá sílẹ̀ láti 18 sí 15. Ogójì tí a fi 15 kún, márùndínlọ́gọ́ta ni. Mẹ́tàdínlógójì tí a fi 18 kún, márùndínlọ́gọ́ta náà ni. Ìparí kò ní yàtọ̀ rárá! Ẹni tó bá ń wo ìparí nìkan kò lè mọ̀ pé wọ́n ti di ẹ̀bi 2023 lé 2024 lórí, tí ọ̀gá tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́dún náà sì ti di ẹni tí kò mọ iṣẹ́. Ìlà kan ṣoṣo tó kọ “ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àtúnṣe” ló lè tú àṣírí náà.

Ọgbọ́n tí mo máa ń dá nìyí. Mo ń yọ iye ìbẹ̀rẹ̀ kúrò nínú iye ìparí. Níhìn-ín, òdo ni. Bí èrè bá jẹ́ 18, a jẹ́ pé 18 ti gba ibì kan jáde. Wọ́n pín 6. Níbo ni 12 tó kù wà? Ojú ewé náà gbọ́dọ̀ dá mi lóhùn: 3 lọ sí àtúnṣe, 10 lọ sí owó ìpín, 1 sì padà wọlé. Bí kò bá dá mi lóhùn, mo mọ̀ pé ẹnì kan ń fi ọwọ́ bo nǹkan.

Ẹ wá gbọ́ àṣìlò ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ọmọkùnrin yìí. Ó ní ilé-iṣẹ́ náà “ti pín mílíọ̀nù 8 fún 2024”. Irọ́ ni. Ní oṣù Kẹta 2025 ni àwọn olùdarí dá a lábàá. Títí ìpàdé onípìn-ín yóò fi fọwọ́ sí i, kò tíì di gbèsè lọ́rùn ilé-iṣẹ́, nítorí náà kò sí nínú òpó 2024. Àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé ni a ti ń rí i. Mílíọ̀nù 6 tó wà nínú òpó náà jẹ́ ti èrè 2023, 2024 ni wọ́n sì fọwọ́ sí i. Dídábàá kì í ṣe pípín. Ọkọ ìyàwó tó ń dábàá láti san owó-orí kò tíì san án, àwọn àna sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

“Wọ́n ti ná an” náà tún ń bí mi nínú. Gbogbo ohun tó bá ti kúrò nínú àjẹkù, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ a ní wọ́n ti ná an. Ẹ wo báǹkì. Òfin báǹkì ti 2020 ní Nàìjíríà pa á láṣẹ pé kí báǹkì yọ ó kéré tán ìdá 30 nínú 100 èrè tó kù lẹ́yìn owó orí sínú àpò kan tó yà sọ́tọ̀, kó tó pín ohunkóhun. Nígbà tí àpò náà bá tó iye owó ìpín tí wọ́n ti san tàbí tó jù ú lọ, ìdá 15 ni. Àjẹkù yóò dínkù, ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ kan kò jáde nílé. Wọ́n ṣí i nípò ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni mílíọ̀nù 10 ìpín ọ̀fẹ́ wa. Mílíọ̀nù 6 nìkan ló jáde nínú gbogbo ohun tí mo kà.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ mi ní àléébù. Ilé-iṣẹ́ lè pàdánù lọ́dún léraléra títí òpó náà yóò fi wọ ìsàlẹ̀ òdo. Àjẹkù kì í sì í wọ ìsàlẹ̀ òdo. Ìkòkò tó bá ti ṣófo ti ṣófo náà nìyẹn. Níbẹ̀, àdánù tó ti gorí ara wọn ni a ó máa pè é.

Mo wá nọ́ńbà ọmọkùnrin náà, mo pè é. Ó kí mi dáadáa, ó gba ti kù àti kú láìjiyàn, ó sì ṣèlérí pé òun kò ní fi “owó” mọ́ ọn mọ́. Nígbà tí mo dárúkọ àjẹkù, ó rẹ́rìn-ín. “Bàbá, ẹ má bínú. Bí mo bá sọ lórí afẹ́fẹ́ pé ilé-iṣẹ́ kan ní àjẹkù mílíọ̀nù 40, àwọn olùgbọ́ wa yóò bi mí pé ajá mélòó ni wọ́n ń sìn.” Ó ní “èrè ìpamọ́” ni gbogbo àwọn onípìn-ín ń sọ nípàdé, òun náà yóò sì máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ronú sí i fún ọ̀sẹ̀ kan. Èrè ìpamọ́, mo gbà. Ó ti borí. Nínú ilé mi, àjẹkù ni.