Bí Ajá Ẹni Bá Kú, Ẹ Má Sọ Pé Ajá Lásán Ni

Ẹ̀yin ọmọ mi, màmá kan ládùúgbò wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, pàdánù ajá wọn láìpẹ́ yìí. Bìńgò ò ju ọmọ oṣù 3 lọ. Ọkọ màmá ti ṣaláìsí, àwọn ọmọ wọn wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ajá yìí ló ń sáré pàdé wọn bí wọ́n bá ti ọjà dé. Lọ́jọ́ Ajé ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tó ń rùn burúkú. Dókítà ẹranko ní páfò ni, ó fa omi sí i lára, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì kò mọ́ bá a. Ohun tí àwọn kan tó wá kí màmá ń sọ ló mú mi kọ èyí sí yín.

1. Ẹ dárúkọ ajá náà. “Ẹ kú ìrọ́jú, Mà. A gbọ́ nípa Bìńgò, ó dùn wá gan-an.” Ó tó. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ bó ṣe ń ṣe nígbà tó wà láyé. Ẹ má kó ìtàn ewúrẹ́ tiyín tó kú lọ́dún tó kọjá lé wọn lórí.

2. “Ikú tó fẹ́ pa yín ló gbé e lọ.” Àwa àgbà la máa ń sọ èyí jù, inú ìfẹ́ la sì ti ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun lẹ kọ́kọ́ sọ, ẹ ń ní kí ẹni tí kò tíì sunkún tán máa dúpẹ́. Bí wọ́n bá fẹnu ara wọn sọ ọ́, ẹ ṣe àmín. Ẹnì kan tún béèrè bóyá kí wọ́n gbé òkú ajá náà fún àwọn tó ń jẹ ẹ́! Ẹ má dán an wò nílé ọ̀fọ̀. Ẹran tí àìsàn pa, tí oògùn ṣì wà lára rẹ̀, kì í ṣe ohun jíjẹ.

3. Ẹ má béèrè pé, “Ṣé ẹ gún un lábẹ́rẹ́?” Ìbéèrè yẹn ti ń jẹ wọ́n lọ́kàn kí ẹ tó dé. Ìgbà 2 ni wọ́n ti gún Bìńgò, ó ku ẹ̀kẹta, màmá sì ń sọ pé, “Èmi ni mo pa á.” Níbi tọ́rọ̀ bá dé báyìí, ó dára kí ẹ mọ nǹkan tí ẹ máa sọ. Ọmọ ajá máa ń rí ààbò gbà látinú ọmú àkọ́kọ́ ìyá rẹ̀, ààbò yìí kan náà sì lè má jẹ́ kí abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Ọjọ́ tí agbára ọmú náà ń tán lára ajá kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún abẹ́rẹ́ náà gún ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 síra wọn, títí ọmọ ajá yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16 ó kéré tán. Láàárín àkókò yẹn, àlàfo kan wà tí páfò lè gbà wọlé, kódà sílé ẹni tó ń ṣe gbogbo rẹ̀ lásìkò. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé èyí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ tinú wọn. Bó bá jẹ́ pé ẹni náà pẹ́ lóòótọ́ kó tó gbé ajá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ má parọ́ fún un, ẹ má sì dá a lẹ́jọ́. Ẹ sọ pé ẹ rí bó ṣe tọ́jú rẹ̀.

4. Ẹ má ra ajá mìíràn wá. Àwọn ọmọ màmá ti fẹ́ fowó ránṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Yàtọ̀ sí pé ajá mìíràn kì í ṣe Bìńgò, kòkòrò páfò lè wà nínú ilẹ̀ àgbàlá fún oṣù púpọ̀, ó lè tó ọdún kan. Ọmọ ajá tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ tán lè kó o níbẹ̀, màmá á sì tún bẹ̀rẹ̀ ẹkún lákọ̀tun.

5. Ẹ fi ọwọ́ ṣèrànwọ́. Ẹ bá wọn gbẹ́ ilẹ̀ jìn dáadáa láti sin ajá náà, kó jìnnà sí kànga. Ẹ béèrè kí ẹ tó kó abọ́ tàbí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ dànù, torí ó lè jẹ́ pé wọ́n fẹ́ tọ́jú ọ̀kan. Èyí tí wọ́n bá fẹ́ tọ́jú, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ wá rẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 nínú omi ife 30 tí ẹ po bílíìṣì ife 1 mọ́. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì náà, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe é.

6. Ọ̀pọ̀ àlejò kì í padà wá lẹ́yìn ọjọ́ kìíní. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ kí wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, kí ẹ sì béèrè bí wọ́n ṣe ń sùn àti bóyá wọ́n ń jẹun.