Ta Ló Ti Ilé Iṣẹ́ Náà Pa? Olùwà Gbólóhùn Nínú Ìtàn Okòwò Tó Kógbá Sílé

Ní oṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Yábàá ní kí n bá òun ka àkọsílẹ̀ kúkúrú tó kọ nípa ara rẹ̀. Ó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn olówó tó ń wá olùdásílẹ̀ ilé iṣẹ́ tuntun. Láti nǹkan bí 2011 tí Co-Creation Hub ti wà ní òpópónà Herbert Macaulay, irú àkọsílẹ̀ yìí kò ṣàjèjì ládùúgbò wa mọ́. (Ọ̀wọ̀ ni kí n máa fi "wọ́n" pe ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀ nínú àròkọ yìí, gbogbo wa ló máa ṣìnà. Ó ti gbà kí n lo "ó".)

Gbólóhùn kan ló dá mi dúró: "Ní 2023, wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa nítorí bí ọrọ̀ ajé ṣe rí."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, àwọn wo ni 'wọ́n' yìí?" Ó rẹ́rìn-ín, kò sì dáhùn.

A ti kọ́ ọ ní kíláàsì pé bí a kò bá fẹ́ dárúkọ ẹni tó ṣe nǹkan, arọ́pò-orúkọ "wọ́n" tí kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni la máa ń fi sí ipò olùwà. Bí a bá ní "ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé", ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló di olùwà, àfi bí ẹni pé ó dìde, ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ. Nínú méjèèjì, olùdásílẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ohun tí ẹni tó ń ka àkọsílẹ̀ náà ń wá gan-an nìyẹn: kí ni ìwọ rí, kí lo ṣe, ìgbà wo lo ṣe é?

Ẹ wo Jason Njoku, ọ̀kan nínú àwọn tó dá iROKOtv sílẹ̀. Lẹ́yìn tó gboyè nínú ìmọ̀ kẹ́místrì ní yunifásítì Máńṣẹ́sítà, ó dá ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Brash. Kò yè é. Ó gbìyànjú àwọn òwò mìíràn, àwọn náà kò dúró, ó sì padà sílé ìyá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ló ti rí bí ìyá rẹ̀ ṣe ń wo fíìmù Nollywood, àti bí àwọn fíìmù náà ṣe ṣòro láti rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó wá sí Èkó láti ra ẹ̀tọ́ fíìmù, iROKOtv sì bẹ̀rẹ̀ ní 2011. Kì í fi àwọn òwò tó kú wọ̀nyẹn pamọ́ bó bá ń sọ ìtàn ara rẹ̀, ó máa ń dárúkọ Brash. Láìsí i, a kò ní mọ ohun tó gbé e dé yàrá ìyá rẹ̀ ní ìgbà tó débẹ̀.

A padà sí ti ẹ̀gbọ́n mi. Oúnjẹ ló ń gbé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Àkókà, nǹkan bí 60 abọ́ lóòjọ́. Náírà 400 ló ń gbà fún gbígbé abọ́ kan. Epo àti owó ọlọ́kadà jẹ́ 310, ó ku 90. Nígbà tí owó epo gòkè ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, ìnáwó náà di 460. Kò fi kọ́bọ̀ kan lé owó tó ń gbà, ẹ̀rù ń bà á pé àwọn oníbàárà á sá lọ. Náírà 60 ló ń pàdánù lórí abọ́ kan, 3,600 lóòjọ́. Láàárín 80 ọjọ́ iṣẹ́, 288,000 ti lọ. Kò sí "ọrọ̀ ajé" kankan tó fi 80 ọjọ́ yẹn jókòó láìṣírò.

Ohun tí a kọ nìyí: "Láti 2022 sí oṣù kẹwàá 2023, mo ń gbé 60 abọ́ oúnjẹ lóòjọ́ ní Àkókà. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, mo pẹ́ kí n tó fi kún owó, mo sì pàdánù 288,000 náírà. Mo ti ilé iṣẹ́ náà pa, mo san owó oṣù àwọn ọlọ́kadà méjèèjì, mo dá owó padà fún àwọn tó ti sanwó sílẹ̀. Ní báyìí, ọjọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo ń ṣírò èrè orí ọjà kọ̀ọ̀kan."

Kò gbọdọ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti kọ́kọ́ fẹ́ fi ìpínrọ̀ méjì bẹ ara rẹ̀ ní ẹ̀bi, mo ní kó yọ wọ́n: ẹni tó ń kà á kì í ṣe àlùfáà. Bí gbèsè bá sì ṣì wà nílẹ̀, kí ó má kọ "mo san" rárá, kí ó kọ iye tó kù àti ìgbà tó máa san án.

Nǹkan kan ṣì wà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Ẹnikẹ́ni ló lè lọ sí ìkànnì CAC kí ó wo orúkọ okòwò náà. Bí wọ́n bá kọ INACTIVE síbẹ̀, kò túmọ̀ sí pé a ti pa á rẹ́ lábẹ́ òfin, ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹni náà kò fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́. A ríi dájú pé ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi kọ kò tako ohun tó wà níbẹ̀.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé "wọ́n" ṣì kù síbì kan, níbi "wọ́n yọ owó ìrànwọ́". Ẹ̀gbọ́n mi bi mí bóyá kí òun yọ òun náà. Mo ní kó fi í sílẹ̀, òun kọ́ ló yọ owó náà.