Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Lẹ́tà Akẹ́kọ̀ọ́ sí Olùkọ́ Rẹ̀

Ní ẹ̀kọ́ kọkànlá, a kọ́ bí a ti ń kọ lẹ́tà sí ẹbí. Lónìí, a ó ka lẹ́tà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ sí olùkọ́ rẹ̀ ní yunifásítì. Ìtàn ni ọmọ náà ń kọ́, ó sì ti wà ní ọdún ìkẹyìn. Ìdánwò kékeré kan ń bọ̀, tí wọ́n ń pè ní tẹ́ẹ̀sì. Bí ó bá fìdí rẹmi nínú ẹ̀kọ́ tí ó pọn dandan, ó lè di pé kí ó tún lo ọdún mìíràn, kí àwọn òbí rẹ̀ sì tún wá owó.

Ohun méjì ni ó fẹ́. Ó fẹ́ rí ìbéèrè ọdún tó ti kọjá, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní pásì-kúẹ́ṣìn. Ó sì fẹ́ mọ ibi tí tẹ́ẹ̀sì náà dé nínú iṣẹ́ tí wọ́n ti kọ́.

Lẹ́tà tí ó kọ́kọ́ kọ kò ju ìlà kan lọ: “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ sọ ibi tí ìbéèrè yóò ti jáde fún mi.” Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kà á, ó mi orí. Ó ní, “Àbúrò mi, ẹni tó bá ka èyí á rò pé ẹ́kìsípò lo ń wá.” Ẹ́kìsípò ni ìbéèrè tí wọ́n jí fihàn kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà fa ìwé náà ya, ó tún un kọ. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà fi ń kọ irú lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n a kọ ọ́ ní Yorùbá kí gbogbo wa lè kà á.

Yàrá 14,
Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́.
Ọjọ́ 5, Oṣù Ẹrẹ̀nà, 2024.

Ọ̀mọ̀wé wa ọ̀wọ́n,

Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ TẸ́Ẹ̀SÌ OGUN ILẸ̀ YORÙBÁ

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn ni mí nínú ẹ̀kọ́ yín lórí ogun ilẹ̀ Yorùbá. Ọjọ́ 19 oṣù yìí ni tẹ́ẹ̀sì wa.

Mo ti ka àkọsílẹ̀ mi láti ìṣubú Ọ̀yọ́ Ilé títí dé Ogun Ìjàyè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ bẹ̀rẹ̀ Ogun Kírìjí, a kò sì tíì parí rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, sà, ṣé Ogun Kírìjí wà nínú tẹ́ẹ̀sì yìí, àbí Ogun Ìjàyè ni yóò parí sí? Ẹ lè sọ ọ́ fún gbogbo kíláàsì bí ó bá wù yín.

Bí ìbéèrè ọdún méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn bá wà tí ó tọ́ kí a rí, mo bẹ̀ yín kí ẹ yá mi. Màá ṣe ẹ̀dà wọn, màá sì dá wọn padà lọ́jọ́ kan náà. Bí kò bá sì ṣeé ṣe, kò burú, sà.

Ẹ ṣeun púpọ̀.

Èmi ni,
Akẹ́kọ̀ọ́ yín.

Ó fi ọwọ́ sí i, ó kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún sísàlẹ̀, àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó mú lẹ́tà yìí dára. Ọmọ náà kọ́kọ́ sọ ibi tí òun kàwé dé. Nítorí náà, olùkọ́ mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀lẹ. Kò béèrè ìbéèrè tí ń bọ̀. Ibi tí iṣẹ́ parí sí ni ó béèrè. Gbólóhùn kan péré lè dá a lóhùn. Ó tún ní kí olùkọ́ sọ ọ́ fún gbogbo kíláàsì, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé wọ́n ṣe ojúsàájú. Ó sì fún olùkọ́ ní ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ká ní ó ku ọ̀la ni ó kọ ọ́, èsì lè má bá a.

Olùkọ́ dáhùn lọ́jọ́ kẹta. Ó sọ fún kíláàsì pé Ogun Ìjàyè ni tẹ́ẹ̀sì yóò parí sí. Ó sì fún wọn ní ìbéèrè ọdún méjì.

Ọmọ náà rí ọ̀kan níbẹ̀: “Kí ló fa Ogun Ìjàyè?” Ó ti mọ̀ pé ọdún 1860 ni ogun náà bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tó. Ó padà sí àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ó rí i pé nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, Adélù ọmọ rẹ̀ gorí oyè. Ìbàdàn gbà á, ṣùgbọ́n Kúrunmí ti Ìjàyè kọ̀, nítorí àṣà àtijọ́ ni pé kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ kú. Nígbà náà ni ó mọ̀ pé ìdí ọ̀rọ̀ ni olùkọ́ yìí máa ń béèrè, kì í ṣe ọdún nìkan.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: pásì-kúẹ́ṣìn kò sọ ohun tí yóò jáde. Bí olùkọ́ bá yí padà, ìbéèrè náà lè yí padà. Bí wọ́n ṣe ń béèrè ni ó ń fi hàn wá.

Ìbéèrè
1. Kí ni ẹ̀gbọ́n rí nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ tí ó fi mi orí?
2. Ohun méjì wo ni ọmọ náà bẹ̀bẹ̀ fún?
3. Kí ló dé tí ó fi sọ ibi tí òun kàwé dé?
4. Ẹ da lẹ́tà náà kọ sínú ìwé yín, kí ẹ fi orúkọ tiyín sí i.