Ẹ Ṣọ́ra fún "Alright" Nínú Lẹ́tà Tó Ń Lọ sí Ọ́fíìsì

Ní Boundary, níbi tí Ajégúnlẹ̀ ti pààlà pẹ̀lú Àpápá, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé kò wọ́n. Ẹni tó ń wáṣẹ́, ajẹ́ǹtì tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní wáàfù, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdìrì, gbogbo wọn ló ń mú ohun tí wọ́n fọwọ́ kọ wá pé ká bá àwọn tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń bá nínú ìwé wọn tó ń kọ mí lóminú: alright, tí wọ́n kọ pọ̀ bí ọ̀rọ̀ ẹyọ kan.

Kò yà mí lẹ́nu. Bí kọ̀ndọ́ bá ní "ọ̀ráìtì" kí dírẹ́bà lè gbéra, etí wa kò gbọ́ àlàfo kankan láàárín rẹ̀, ohun tí etí bá sì gbọ́ lọwọ́ ń kọ. Ẹ rántí pé "nígbàtí" làwọn àgbà wa kọ tẹ́lẹ̀, kí àkọtọ́ òde òní tó ní ká máa kọ "nígbà tí". Ẹnu kò yí bó ṣe ń pe ọ̀rọ̀ náà padà rárá. Orí ìwé nìkan ni nǹkan ti yí.

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, all right, ọ̀rọ̀ méjì, ni èyí tí gbogbo ènìyàn gbà. Ní 1926, Fowler, ọ̀gá nínú ìlò èdè Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ alright. Lónìí, ìwé atúmọ̀ èdè Merriam-Webster ti gbà á wọlé, àwọn òǹkọ̀wé ìtàn sì ń lò ó níbi tí àwọn ẹ̀dá inú ìtàn bá ti ń sọ̀rọ̀. Nítorí náà, n kò ní parọ́ fún yín pé ọ̀rọ̀ náà kò sí. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn Oxford, tí ilé ìwé wa ń tẹ̀ lé jù, ṣì ń kìlọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà á nínú ìwé tó bá jẹ́ ti iṣẹ́ tàbí ti ìdánwò. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí yóò ka lẹ́tà yín ló ni ìdájọ́.

Àwọn tó ń ṣe ìdánwò WAEC ni kí wọ́n tẹ́tí sí mi jù. Nínú máàkì 50 tó wà fún àròkọ, 10 wà fún sípẹ́lì, gírámà àti àmì ìdánudúró. Àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ń gé ààbọ̀ máàkì kúrò nínú 10 yẹn. Bí olùmáàkì yín bá ka alright sí àṣìṣe, ààbọ̀ máàkì ti lọ lórí àlàfo kan ṣoṣo.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ajẹ́ǹtì mú lẹ́tà wá fún mi nígbà kan. Ó kọ ọ́ pé The documents are alright. Mo ní kó pín in sí méjì.

"Ẹ̀gbọ́n, kọ̀ǹpútà ò mà fa ìlà pupa sí i."

Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àti fóònù kì í fa ìlà sábẹ́ alright, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kẹ́ ẹ gbọ́kàn lé wọn. Mo wá bi í léèrè pé kí ló fẹ́ sọ gan-an. Ó ní ìwé ẹrù náà pé, kò sì sí àṣìṣe kankan nínú wọn. Alright kò sọ ìyẹn. Ó lè túmọ̀ sí pé wọ́n ṣì ṣeé gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá sì pín in sí méjì, ó lè túmọ̀ sí pé gbogbo wọn ló tọ̀nà, ó sì tún lè jẹ́ pé wọ́n kàn dára náà ni. A pa á rẹ́, a fi All the documents are complete and correct rọ́pò rẹ̀. Nínú lẹ́tà iṣẹ́, ọ̀nà tó dára jù nìyẹn: ẹ sọ ohun tó wà lọ́kàn yín gan-an.

Ẹ má sì torí ìkìlọ̀ mi máa pín ohun tí kò yẹ kẹ́ ẹ pín. Already àti altogether ti di ọ̀rọ̀ ẹyọ kan tipẹ́. Bí ẹ bá kọ all ready, ẹ ti ń sọ pé gbogbo wọn ti múra tán. All together sì ni pé gbogbo wọn wà pọ̀. Allright àti alrite ní tiwọn kò bójú mu níbikíbi.

Mo bẹ̀ yín, kí lẹ́tà yín tó kúrò ní Boundary, ẹ wá alright nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi ọ̀rọ̀ tó sọ èrò yín gan-an rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ọ̀rọ̀ mìíràn, ẹ pín in sí méjì.