Èsì fún Òbí Tí Inú Bí Nítorí Máàkì

Nígbà tí àwa wà ní ilé-ẹ̀kọ́, òbí tí máàkì ọmọ rẹ̀ bí nínú ní láti wọ ọkọ̀ láti Ìníṣà tàbí Òkukù kí ó tó dé ọ́fíìsì ọ̀gá ní Ìkìrun. Kí wọ́n tó fún un ní àga àti omi mu, ara rẹ̀ yóò ti balẹ̀ díẹ̀. Lónìí, bàbá lè jókòó sí Èkó ní agogo mọ́kànlá òru, kí ó tẹ ímeèlì, kí ó sì fi í ránṣẹ́ kí ojú rẹ̀ tó walẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni a ní lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀ràn kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ kan gba 20 nínú 40 fún iṣẹ́ inú táàmù, ó gba 28 nínú 60 nínú ìdánwò Ìṣirò. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 48. Ní ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa ń lò, D7 nìyẹn. 50 ni kírẹ́díìtì ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kọ̀wé pé olùkọ́ kórìíra ọmọ òun. Ẹ̀rí rẹ̀ ni ìbéèrè kẹrin: èlé orí ₦20,000 fún ọdún mẹ́ta, ní ìdá 5 nínú 100 lọ́dún. Ọmọ rẹ̀ kọ ₦3,000, ó sì tọ̀nà, síbẹ̀ máàkì 2 nínú 6 ni ó rí gbà. Ẹnìkejì rẹ̀ ní kíláàsì ṣi ìdáhùn, ó gba 4.

Ẹ má ṣe kọ èsì kíkún ní òru náà. Gbólóhùn méjì tó: pé ìwé wọn ti dé, àti ọjọ́ tí wọn yóò gbọ́ èsì. Kí ọjọ́ náà má ju ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta lọ, nítorí òbí tí kò gbọ́ nǹkan yóò kọ òmíràn tí yóò gbóná ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwé ìdáhùn ọmọ jáde. Kí olùkọ́ mìíràn tún ro àròpọ̀ rẹ̀, kí ó sì wò ó bóyá ojú ìwé kan wà tí a kò ka. Bí àṣìṣe ìṣirò bá wà, ẹ tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì tọrọ àforíjì. Èyí yàtọ̀ pátápátá sí pípààrọ̀ ìdájọ́ nítorí ariwo. Nínú ọ̀ràn tiwa, àròpọ̀ náà tọ̀nà. Ìlànà tí a kọ sílẹ̀ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ fi máàkì 4 sí ọ̀nà tí a gbà ṣe é, ó fi 2 sí ìdáhùn. Ọmọ náà kọ ìdáhùn nìkan.

Èsì náà lè lọ báyìí:

“Bàbá wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ. A gbọ́ pé ó dùn yín pé ọmọ tí ó rí ìdáhùn gba máàkì tí ó kéré. Olùkọ́ mìíràn ti tún ìwé náà yẹ̀ wò. Ìbéèrè kẹrin ní máàkì 4 fún ìṣirò tí ó hàn, àti 2 fún ìdáhùn. Ọmọ yín gba 2 ti ìdáhùn. Kò kọ ìṣirò kankan sílẹ̀. Ìlànà yìí kan náà ni a fi wo gbogbo kíláàsì, nítorí náà 48 dúró. Ẹ lè wá wo ìwé náà ní ọ́fíìsì ní ọjọ́ Ẹtì, agogo mẹ́wàá.”

Ẹ kíyèsí ohun tí kò sí níbẹ̀. A kò fèsì sí ọ̀rọ̀ ìkórìíra, a kò sì mẹ́nu kan ìwé ẹnìkejì, nítorí ti ọmọ ẹlòmíràn ni. Bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ pé “a ó wo ohun tí a lè ṣe”. Àwọn ènìyàn wa fẹ́ràn gbólóhùn yìí púpọ̀ (àwa àlùfáà pàápàá kò gbẹ́yìn), ṣùgbọ́n ìlérí ni òbí ń gbọ́ nínú rẹ̀.

Bí ó bá tún kọ̀wé pé òun yóò mú ọmọ òun kúrò, kí èsì kejì kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ: ìdí kan náà, ìpè kan náà. Ìdí tuntun ni yóò bí àríyànjiyàn tuntun.

Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ pé olùkọ́ béèrè owó kí ó tó fún ọmọ ní máàkì, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìdánwò. Kí ọ̀gá gba ìwé náà lọ́wọ́ olùkọ́ ọ̀hún, kí ó ṣe ìwádìí lọ́tọ̀, kí ẹlòmíràn sì ka ìwé ìdáhùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀.