Ẹ Yí Páálí Náà Sẹ́yìn: Ṣúgà Inú Omi Èso Àwọn Ọmọ Wa

Ẹ̀yin òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlú Ọba, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi máa di oúnjẹ ọ̀sán fún ọmọ lọ sí ilé-ìwé, ẹ ó sì dúró níwájú pẹpẹ omi èso ní ṣọ́ọ̀bù, níbi tí páálí kéékèèké onísítíróò pọ̀ sí lọ súà. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín dúró lónìí.

Nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin wà ní ọmọ ọdún 5, júùsì ápù kan ni mo máa ń fi sínú báàgì rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síwájú páálí rẹ̀ pé àwọn kò fi ṣúgà kún un. Mo rò pé ìyẹn ni pé kò sí ṣúgà nínú rẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n kọ, èmi ni mo ṣì í gbọ́. Ápù fúnra rẹ̀ ní ṣúgà, bí wọ́n bá sì ti fún omi rẹ̀ jáde, ṣúgà náà á tú sílẹ̀, á sì máa ba eyín ọmọ jẹ́ bí ṣúgà tí à ń bù sínú tíì. Ìdí nìyẹn tí àjọ ìlera ìjọba ibí fi kà á mọ́ ṣúgà tó yẹ ká dín kù. Bí ọmọ bá gé ápù jẹ, wọn kì í kà á; bó bá mu omi rẹ̀, wọ́n ń kà á. Nítorí náà, nínú omi èso, gbogbo ṣúgà tí ẹ bá rí lára páálí ni kí ẹ kà.

Ẹ̀yìn páálí ni iye náà wà. Ẹ wá ìlà kabohaidireeti nínú àtẹ kékeré tó wà níbẹ̀; ìlà tó wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an ni ti ṣúgà. Iye tó wà nínú mílílítà 100 á wà níbẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ ó tún rí iye tó wà nínú ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ náà pè ní ti ẹnì kan. Ti mílílítà 100 ni kí ẹ fi wé ọjà kan sí òmíràn, torí pé kì í yí padà. Ìwọ̀n ẹnì kan lè jẹ́ mílílítà 125 lára ìgò kan, kó jẹ́ 200 lára èkejì, èyí tí ṣúgà rẹ̀ pọ̀ á sì dà bí èyí tó kéré.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ti júùsì ọmọ mi. Gíráàmù 10 ló wà nínú mílílítà 100, páálí náà sì gba mílílítà 200. Gíráàmù 20 nìyẹn. Hóró ṣúgà onígun kan jẹ́ gíráàmù 4, torí náà hóró 5 ni mo ń dì sínú báàgì rẹ̀ lójoojúmọ́. Gíráàmù 19 ni wọ́n ní kí ọmọ ọdún 4 sí 6 má kọjá láàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ti ọmọ ọdún 7 sí 10 jẹ́ 24. Páálí kan ṣoṣo ti kọjá ti ọmọ mi, kò sì tíì fẹnu kan bisikíìtì.

Síbẹ̀, ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún òṣùwọ̀n ṣúgà òòjọ́ ni wọ́n kọ síwájú páálí yẹn. Ẹ má ṣe jẹ́ kó tàn yín. Àgbàlagbà ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n náà: gíráàmù 90, èyí tó kó ṣúgà inú wàrà àti ti èso mọ́ra. Kì í ṣe ti ọmọdé rárá.

Páálí kejì tí mo gbé, omi ọsàn tí wọ́n bu omi lù, gíráàmù 4.5 ló ní nínú mílílítà 100, ìyẹn 9 nínú páálí 200. Ó dín ju ìdajì lọ. Àmọ́ ẹ wo abẹ́ orúkọ ọjà náà: bí wọ́n bá fi adùn àtọwọ́dá sí i, òfin ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2018 tí ìjọba ti ń gba owó orí lórí ohun mímu tí wọ́n fi ṣúgà kún, tí ṣúgà inú rẹ̀ sì tó gíráàmù 5 nínú 100, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti dín ṣúgà kù, wọ́n fi adùn wọ̀nyẹn rọ́pò. Ojúlówó júùsì kò sí nínú òfin yẹn, nítorí náà ṣúgà inú rẹ̀ lè ju gíráàmù 5 yẹn lọ.

Omi tàbí wàrà ló dára jù fún báàgì ilé-ìwé. Bí ọmọ bá sunkún júùsì, mílílítà 150 lóòjọ́ ni ààlà rẹ̀, kó sì mu ún pẹ̀lú oúnjẹ. Páálí 200 ti ju ìyẹn lọ: ẹ da 150 sínú ife nílé, kí ẹ dá èyí tó kù padà sínú fíríìjì.