Ojú Owó Kì Í Ṣe Èrè

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí rédíò, níbi tí ó ti ń kókìkí àwọn ahunṣọ òfì Ìsẹ́yìn ọmọ Ẹbẹdí, ni ó sọ pé bí òwú ti ń wọ́n tó yìí náà, "èrè gọbọi" ni wọ́n ń jẹ. Etí mi sì kọ̀ ọ́, nítorí ojú owó ni ọkùnrin náà gbé agbádá èrè wọ̀.

Ẹ kò níí bi mí ní ìtumọ̀ ojú owó. Ohun tí ó ń jà mí lọ́kàn ni pé, nígbà tí a bá ní ojú owó pé, kí ni ó pé: iye owó ni, tàbí ọjà tí iye náà lè rà? Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn oníṣòwò òyìnbó ń fi ọkọ̀ kó owó ẹyọ Sansíbà wọ Èkó títí owó fi di yẹpẹrẹ, ẹni tí ó ka ọ̀kẹ́ kan jáde, tí ó sì ka ọ̀kẹ́ kan wọlé, ti pàdánù láìsí pé ẹyọ kan dín.

Ẹ wá jẹ́ kí a ro ó pé aláṣọ òfì kan ra ìdì òwú 10 ní ₦4,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tún ra 10 ní ₦5,000, ó sì ra 10 ìkẹyìn ní ₦6,000. Ó kó ìdì 15 fún àwọn ahunṣọ, ó san ₦40,000 owó iṣẹ́, ó sì ta aṣọ ní ₦140,000. Bí ó bá ṣírò rẹ̀ ní àkọ́wọlé-àkọ́jáde, òwú náà jẹ́ ₦65,000, èrè sì di ₦35,000. Bí ó bá jẹ́ ìkẹyìn-wọlé ni ó kọ́kọ́ jáde, òwú di ₦85,000, èrè sì súnkì sí ₦15,000. Bí ó bá da gbogbo owó pọ̀, tí ó pín in fún ìdì 30, ₦5,000 ni ìdì kan, èrè sì jẹ́ ₦25,000. (Ìwé ni à ń sọ o, kò sí ẹni tí ó ní kí òwú ìsàlẹ̀ máa jẹra ní sítóò.)

Ṣùgbọ́n bí ó bá ná ₦35,000 náà tán, ₦65,000 tí ó kù kò lè ra ju ìdì 10 lọ lọ́jà òní. Bí àgbẹ̀ tí ó jẹ nínú èbù rẹ̀ ni. Ìṣirò ìkẹyìn-wọlé ìbá dá a sí, ìdì 14 ni ìbá rà, ṣùgbọ́n òfin ìṣirò àgbáyé ti lé e jáde láti ọdún 2005, nítorí pé owó àtijọ́ ni ó ń fi sílẹ̀ lórí ọjà tí ó kù. Amẹ́ríkà ṣì ń kẹ́ ẹ ní tirẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ilẹ̀ wa náà sì ti ń tẹ̀lé òfin àgbáyé náà láti ọdún 2012.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ti borí mi nìyẹn: nínú ìwé, ₦35,000 ni èrè. Kí aláṣọ sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó yọ ₦25,000 sọ́tọ̀ kún ₦65,000, kí ó lè fi ra ìdì òwú 15 padà ní ₦6,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó tó bu ₦10,000 yòókù ná.